Oògùn Wà Lápò, Ẹ̀jẹ̀ Ṣì Ń Ru: Àgbéyẹ̀wò Ìdí Tí Àwọn Ènìyàn Fi Ń Pa Lílo Oògùn Jẹ

Gbogbo alángbá ló da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ ríru rí láàrin àwọn àgbà ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n ń tò jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé-ìwòsàn káàkiri ìhà àríwá Èkìtì, láti Ìdó dé Ìfàkì, láti Ọyẹ́ dé Ìkọ̀lé. Nítorí ẹni tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gòkè kọjá 180 lè máa rẹ́rìn-ín, kí ó máa kí ará àdúgbò rẹ̀, kí ó sì máa ro iye ebè tí yóò kọ lọ́la, nígbà tí ẹni tí tirẹ̀ kò ju 130 lọ yóò di orí mú pé ó ń fọ́ òun. Àrùn tí kì í pariwo ni, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ lára, ó ń ba ọkàn jẹ́, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń fa rọpárọsẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà, a sì mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń yà wá lẹ́nu ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí a kọ oògùn náà fún, tí wọ́n tilẹ̀ fi owó ara wọn rà á, ni wọn kì í lò ó bí ó ti yẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àìmọ̀wé tàbí ìṣẹ́ nìkan ló wà nídìí rẹ̀. Ní ọdún 2003, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan jáde lórí ọ̀ràn yìí, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ní àwọn ìlú olówó pàápàá, bí a bá kó àwọn tó ní àrùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ jọ, nǹkan bí ìdajì wọn péré ló ń lo oògùn bí dókítà ti wí. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Nítorí náà, ìdí rẹ̀ wà nínú ọkàn ènìyàn àti nínú ìgbésí ayé rẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ti gba ọ̀nà méjì pàtàkì wá a kiri. Ọ̀nà kìíní ń bèèrè ohun tí aláìsàn gbà gbọ́ nípa àìsàn àti nípa oògùn. Ọ̀nà kejì ń bèèrè bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí ìpayà àti másùnmáwo bá dé bá a. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àgbéyẹ̀wò yìí ni pé kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tó lè dá ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru wa ní Èkìtì tú láìsí èkejì, nítorí pé lọ́dọ̀ wa, másùnmáwo fúnra rẹ̀ ti di apá kan nínú ohun tí a gbà gbọ́ nípa àìsàn náà.

Ọ̀nà kìíní ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Láàrin ọdún 1950 sí 1960, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá kan ń bá ẹ̀ka ìlera ìjọba Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́. Àwọn ni Godfrey Hochbaum, Irwin Rosenstock, Howard Leventhal àti Stephen Kegeles. Ìṣòro tó wà níwájú wọn kò ṣòro láti sọ: ìjọba ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán àyà àwọn ènìyàn láti mọ ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀fẹ́ ni, ó sì súnmọ́ ilé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kò yọjú. Hochbaum lọ sí ìlú mẹ́ta, Bọ́sítìnì, Kílífílándì àti Dítíròìtì, ó bi àwọn ará ibẹ̀ ní ìbéèrè, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1958. Nínú àwọn tó gbà pé àrùn náà lè mú àwọn, tí wọ́n sì gbà pé bí a bá tètè rí i yóò ṣe àwọn láǹfààní, ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti lọ ya àwòrán àyà láìjẹ́ pé nǹkan kan ń ṣe wọ́n. Nínú àwọn tí kò gba ọ̀kan nínú méjèèjì gbọ́, ìdá 21 péré ni. Láti inú irú iṣẹ́ báyìí ni èyí tí a lè pè ní àwòṣe ìgbàgbọ́ nípa ìlera ti jáde wá.

Bí àwòṣe náà ti rí nìyí. Kí ènìyàn tó ṣe ohun tí yóò gbà á lọ́wọ́ àrùn, yóò ti wọn ohun mẹ́rin nínú ara rẹ̀, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀: ṣé àrùn yìí lè mú mi, bí ó bá mú mi, ṣé ohun tó burú ni, ṣé ohun tí wọ́n ní kí n ṣe yóò ràn mí lọ́wọ́, kí ni yóò sì ná mi, ní owó, ní ìnira, ní ìtìjú. Lẹ́yìn èyí, ohun kan gbọ́dọ̀ ta á jí, bóyá ikú ará ilé kan, bóyá ìkìlọ̀ nọ́ọ̀sì, bóyá orí fífọ́. Ní 1988, Rosenstock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ohun mìíràn kún un, èyíinì ni ìdánilójú tí ènìyàn ní pé ohun náà kò ju agbára òun lọ.

Ẹ mú àwòṣe yìí wá sí Ìkọ̀lé, ẹ óò rí i pé ó ba ojú mu dáadáa. Ẹni tí kò ní ìrora kankan kò lè fi gbogbo ọkàn gbà pé òun ń ṣàìsàn. Ó lè mọ̀ pé rọpárọsẹ̀ burú, nítorí pé kò sí àdúgbò kan tí a kò ti rí ẹni tí apá rẹ̀ kan ti rọ; ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í léèrè ohun tó mú lágbájá, yóò ní ọ̀tá ló ta á lọ́fà, tàbí pé afẹ́fẹ́ burúkú fẹ́ lù ú; bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rù rọpárọsẹ̀ yóò fi wà lọ́kàn rẹ̀ gidigidi láìní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú kóró oògùn tó wà nínú ọ̀rá lórí pẹpẹ. Ìbẹ̀rù wà, oògùn wà, afárá tó yẹ kó so wọ́n pọ̀ ni kò sí.

Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí á tẹnu mọ́ jù ni pé nínú àwọn ohun mẹ́rin wọ̀nyí, ọ̀kan ló wúwo ju àwọn yòókù lọ. Nancy Janz àti Marshall Becker kó gbogbo ìwádìí tí wọ́n rí lórí àwòṣe yìí jọ ní 1984, wọ́n sì rí i pé ìdènà, èyíinì ni ìnira àti ìnáwó tí ènìyàn rí níwájú, ló máa ń fi ohun tí yóò ṣe hàn jù lọ. Bí àrùn ti burú tó kò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ni nípa ìlera ní ọ̀dọ̀ wa fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ìdẹ́rùbà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí: “Ìyá, ẹ ó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ o, ẹ ó kú o.” Bí ìdènà bá ṣì dúró gbọn-in lójú ọ̀nà, ìdẹ́rùbà kò lè gbé e kúrò.

Ìdènà wo? Ti owó ni ojú kọ́kọ́ máa ń rí, ó sì pọ̀ lóòótọ́, nítorí pé oògùn tí a ó máa lò títí ọjọ́ ayé kì í ṣe ìnáwó ẹ̀ẹ̀kan, owó oògùn sì ti fò sókè láti ọdún 2023. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ojú kì í tètè rí. Oògùn tó ń fa omi kúrò lára, irú èyí tó wà nínú Modurẹ́tíìkì, ń mú kí ènìyàn máa tọ̀ léraléra fún wákàtí díẹ̀. Ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ láti Ìkọ̀lé gba Ọyẹ́ àti Ìfàkì kọjá lọ sí Ìdó, tó sì mọ̀ pé awakọ̀ kì í fẹ́ dúró, kò ní í lò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lisinopirílì máa ń fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn kan, ìyà rẹ̀ sì ń jẹ aláwọ̀ dúdú ju ọ̀pọ̀ lọ. Ẹni tó ń hú ikọ́ láàrin èrò ní ṣọ́ọ̀ṣì kò fẹ́ kí wọ́n máa wo òun bí ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Amulodipíìnì lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú, ẹsẹ̀ wíwú sì ni àwọn àgbà wa mọ̀ sí àmì ìparun. Bí oògùn bá ń fún ni ní àmì àìsàn nígbà tí àìsàn náà fúnra rẹ̀ kò fún ni ní àmì kankan, èwo ni ọkàn yóò pè ní àrùn?

Títí dé ibí yìí, ó lè jọ pé bí a bá ti kọ́ àwọn ènìyàn dáadáa, ọ̀rọ̀ ti tán. Àwọn kan ti dán èyí wò. Ní ìlú Hámítìnì ní orílẹ̀-èdè Kánádà, David Sackett, Brian Haynes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ irin tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, wọ́n kọ́ apá kan nínú wọn ní ohun gbogbo nípa àìsàn náà. Àwọn ọkùnrin náà gba ẹ̀kọ́, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ju àwọn tí a kò kọ́ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1975, lílo oògùn wọn kò fi nǹkan kan dára ju ti àwọn yòókù. Ìmọ̀ wọlé, ìwà kò yí. Ohun kejì tó ti ibẹ̀ jáde tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀: nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1978, àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru bẹ̀rẹ̀ sí í pa ibi iṣẹ́ jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn tàbí wọn kò tí ì bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn náà fúnra rẹ̀ ti di ẹrù.

Ibí yìí ni ọ̀nà kejì ti wọlé. Richard Lazarus àti Susan Folkman, nínú ìwé ńlá tí wọ́n kọ ní 1984, sọ pé másùnmáwo kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ síni gan-an, bí kò ṣe bí a ti wọ̀n ọ́n. Ìgbà méjì ni ọkàn ń wọn nǹkan. Ní ìgbà kìíní, ó ń bèèrè pé, “Ṣé ewu ni èyí fún mi?” Ní ìgbà kejì, “Kí ni mo ní lọ́wọ́ tí mo lè fi kojú rẹ̀?” Bí ohun tó wà lọ́wọ́ bá tó, ènìyàn máa ń kọjú sí ìṣòro náà fúnra rẹ̀: yóò bèèrè, yóò ra oògùn, yóò dín iyọ̀ kù. Bí kò bá tó, tàbí bí ó bá rò pé kò tó, ọkàn tí ó dàrú ni yóò kọ́kọ́ tọ́jú: yóò gbàgbé, yóò sẹ́, yóò fi iṣẹ́ pa ìrònú rẹ́, yóò gbàdúrà, yóò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, yóò ní bí Ọlọ́run ti fẹ́ náà ni.

Kí á má ṣe yára dá àwọn tó gba ọ̀nà kejì yìí lẹ́bi. Jerry Suls àti Barbara Fletcher kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 1985 láti mọ èyí tó sàn nínú kí á máa wo ìṣòro lójú àti kí á mójú kúrò lára rẹ̀, ohun tí wọ́n sì rí wúlò fún wa gan-an: ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpọ́njú, mímójú kúrò máa ń mú ara rọ ènìyàn; ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ẹni tó wò ó lójú ló ń jèrè. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ìpọ́njú ọjọ́ méje. Nítorí náà, ìwà tó jẹ́ ààbò fún obìnrin kan ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, tó jẹ́ kí ó lè sùn, kí ó lè tajà, ìwà yẹn kan náà ni yóò pa á lára bí ó bá di ọdún mẹ́ta. Gbogbo òwúrọ̀ tó bá gbé kóró oògùn lé àtẹ́lẹwọ́ ni oògùn náà ń sọ fún un pé aláìsàn ni. Ẹni tó ti yàn láti gbàgbé kò lè máa lo ohun tó ń rán an létí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè mọ gbogbo nǹkan, kí ó gba gbogbo nǹkan gbọ́, kí gbogbo ìbéèrè àwòṣe kìíní já sí “bẹ́ẹ̀ ni” lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ kí oògùn wà nínú àpótí.

Ọ̀rọ̀ àdúrà gba pé kí á fi ara balẹ̀ sí i, nítorí pé ilẹ̀ àdúrà ni ilẹ̀ wa. Ìsọjí tó bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà ní 1930 lábẹ́ Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá kò pẹ́ kí ó tó dé Èkìtì, Ẹ̀fọ̀n-Alààyè sì ni ibojì wòlíì náà wà títí di òní. Ìwòsàn láti ọwọ́ Ọlọ́run láìlo oògùn ni òpómúléró ìwàásù ìgbà náà, ọ̀rọ̀ kuníìnì tí àwọn míṣọ́nárì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò láti fi dènà ibà sì wà lára ohun tó fa ìyapa láàrin wọn àti àwọn aṣáájú ìjọ ọmọ ilẹ̀ wa ní nǹkan bí ọdún 1940, kí Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi tó dá dúró. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ náà ń lọ sí ilé-ìwòsàn lónìí. Síbẹ̀, èrò náà pé ẹni tó ń lo oògùn ti dín ìgbàgbọ́ rẹ̀ kù ṣì wà láàrin wa, ó sì ti ta yọ ìjọ kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àdúrà ló ń lé oògùn jáde. Kenneth Pargament àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1988 pé ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn onígbàgbọ́ ń gbà bá Ọlọ́run yanjú ìṣòro: àwọn kan gbà pé Ọlọ́run fún àwọn ní ọgbọ́n, kí àwọn lò ó fúnra wọn, àwọn kan kó gbogbo rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, wọ́n sì káwọ́ gbera, àwọn kan sì bá a ṣe é pọ̀. Mo ti gbọ́ àwọn ìyá àgbà tí wọ́n gbé oògùn sókè kí wọ́n tó gbé e mì, tí wọ́n ń wí pé, “Olúwa, ìwọ lo fi ọgbọ́n fún dókítà, fi àṣẹ sí i.” Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kì í pa oògùn jẹ, àdúrà ti di ìgbà tí a ń lò ó. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá bèèrè pé ṣé aláìsàn ń gbàdúrà, kò tí ì bèèrè ohun kan. Irú àdúrà tó ń gbà ni kí ó bèèrè.

Ó kù kí á mú ọ̀nà méjèèjì pàdé ara wọn. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá ní ọjà Ọyẹ́ pé kí ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, púpọ̀ nínú wọn yóò dáhùn pé, “Ìrònú ni.” Ọmọ tí kò ríṣẹ́, ọkọ tó kú, gbèsè, ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Èrò yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Dan Blumhagen bá àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ ní ilé-ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì kan ní Siátù ní Amẹ́ríkà, ó sì kọ ní 1980 pé púpọ̀ wọn gbà pé másùnmáwo ló ń mú ẹ̀jẹ̀ wọn ru, pé bí ọkàn bá balẹ̀, àrùn náà ti lọ. Leventhal, ọ̀kan nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ àwòṣe ìgbàgbọ́, àti Daniel Meyer tún rí i ní 1985 pé àwọn aláìsàn tó gbà pé ènìyàn kò lè fi ara mọ ìgbà tí ìfúnpá rẹ̀ gòkè, àwọn náà ló ń sọ pé ti àwọn yàtọ̀, pé àwọn máa ń mọ̀. Àwọn tó sì rò pé oògùn ń mú àmì náà lọ ni wọ́n ń lò ó jù. Ní tiwa, ìwádìí tí Familoni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Ṣágámù, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004, fi hàn pé ju ìdajì àwọn aláìsàn náà lọ gbà pé ìgbà tí àmì bá wà nìkan ni kí á lo oògùn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló sì mọ̀ pé títí ọjọ́ ayé ni.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ìrònú bá ni orísun àrùn, a jẹ́ pé oògùn di oògùn ìrònú: ọjọ́ tí ọkàn bá gbóná ni a ó lò ó, ọjọ́ tí ara bá balẹ̀ ni a ó fi í sílẹ̀. Ìgbàgbọ́ nípa àìsàn àti ọ̀nà tí a ń gbà kojú másùnmáwo ti di ohun kan náà. Ìsinmi, àdúrà, ìrìn àjò sọ́dọ̀ ọmọ, tí wọ́n jẹ́ ọ̀nà láti tu ọkàn lára, ti di ìtọ́jú tó péye lójú aláìsàn, kò sì ní rí i pé òun pa ohunkóhun jẹ.

Kí ó lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí á ro ti obìnrin kan, opó ẹni ọgọ́ta ọdún, tó ń ta elùbọ́ ní Ìkọ̀lé, tó ní ọmọ kan ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọyẹ́. Wọ́n bá ìfúnpá rẹ̀ ní 170 lórí 100, wọ́n sì kọ amulodipíìnì àti oògùn tó ń fa omi fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan láràárọ̀. Oṣù kìíní, ó lò ó pé pérépéré, nítorí ìbẹ̀rù ṣì tutù lọ́kàn rẹ̀. Ìfúnpá sì sọ̀ kalẹ̀. Oṣù kejì, ara rẹ̀ yá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fo oògùn tó ń fa omi ní ọjọ́ ọjà, nítorí kò sí ibi tí yóò ti tọ̀. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó gbàgbé amulodipíìnì náà ní ọjọ́ kan, kò sí ohun tó ṣe é bákan náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò lè sí, nítorí pé ó ń gbà tó wákàtí 30 sí 50 kí ìdajì oògùn yẹn tó kúrò lára. Ara rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe òtítọ́: pé bí a kò bá lò ó, nǹkan kò bàjẹ́.

Nígbà tó yá, owó ilé-ìwé dé. Kò rí oorun sùn, orí ń fọ́ ọ, ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ mi ti ru,” ó sì gbé amulodipíìnì méjì mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lójú rẹ̀, ó ń tọ́jú ara rẹ̀ gidigidi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ó ti rí owó yá, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó fi oògùn sílẹ̀ pátápátá. Ọjọ́ tí yóò lọ rí dókítà, kò jẹun, kò sì lo oògùn, nítorí ó rò pé wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ìfúnpá jẹ́ 184 lórí 108. Wọ́n bi í pé, “Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?” Ó ní, “Mò ń lò ó, dókítà.” Irọ́ kọ́ ni ó pa lójú ara rẹ̀. Dókítà náà, tí ẹlòmíràn mọ́kànlélógún ṣì ń dúró dè lẹ́yìn rẹ̀, gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, ó rò pé oògùn méjì kò ká a mọ́, ó sì fi ẹ̀kẹta kún un. Owó oṣù di púpọ̀ ju èyí tó lè san lọ. Ó padà sílé, ó ra àgbo, ó gba ààwẹ̀, kò sì ra ọ̀kan nínú mẹ́ta náà.

Nínú ìtàn yìí, ibo ni a ti lè mọ̀ ṣáájú pé kò lo oògùn bí ó ti yẹ? Ìbéèrè tí wọ́n bi í ni kò dára, nítorí pé ìdáhùn kan ṣoṣo ni ọmọlúwàbí lè fún àgbà oníṣègùn. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Bí nọ́ọ̀sì bá wí pé, “Ìyá wa, ẹ kú àárẹ̀; kò rọrùn láti máa lo oògùn lójoojúmọ́, ó ń sú ọ̀pọ̀ ènìyàn; ní ọjọ́ méje tó kọjá yìí, ọjọ́ mélòó ni ẹ kò rí i lò?”, ìdáhùn mìíràn ni yóò jáde. Kí ó tún bèèrè pé, “Ṣé ẹ lò ó láàárọ̀ yìí?” kí wọ́n tó kọ iye ìfúnpá sílẹ̀. Kí ó wo páálí oògùn: bí kóró 30 tí a rà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn bá ṣì ku mẹ́sàn-án, ìṣirò náà kò ní í ṣòro. Àti pé ṣáájú ohun gbogbo, kí ó bèèrè pé, “Kí ni ẹ rò pé ó fà á?” nítorí pé ìdáhùn sí èyí ni yóò sọ ọjọ́ tí yóò máa lo oògùn àti ọjọ́ tí kò ní í lò ó.

Àwọn ti Hámítìnì kò sì dúró ní ibi tí ẹ̀kọ́ wọn ti kùnà. Ní 1976, wọ́n mú àwọn tí kò lo oògùn dáadáa, tí ìfúnpá wọn sì ṣì ga, wọ́n kọ́ wọn láti máa wọn ìfúnpá ara wọn nílé kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n so oògùn mọ́ ohun tí olúkúlùkù máa ń ṣe lójoojúmọ́, wọ́n sì ń rí wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Èyí ló ṣiṣẹ́. Ìdí rẹ̀ yé mi báyìí: ẹ̀rọ ìwọnfúnpá gba ipò orí fífọ́ gẹ́gẹ́ bí àmì, ẹni tó sì rí nọ́ńbà rẹ̀ tó ga ní ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kò lè máa wí pé ìrònú nìkan ni mọ́. Ó tún ti ní ohun kan tí ó lè ṣe sí i, èyí tó jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè kejì Lazarus.

Fún oníṣòwò elùbọ́ wa, ọ̀nà náà ṣe kedere. Bí dókítà bá fọwọ́ sí i, kí ó máa lo oògùn tó ń fa omi lẹ́yìn tó bá ti ọjà dé, kì í ṣe láàárọ̀. Kí ó so amulodipíìnì mọ́ àdúrà òwúrọ̀. Kí a sọ fún un pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: kí ó wá ìtura fún ìrònú rẹ̀, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtura yẹn kò lè rọ́pò oògùn, nítorí pé àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti le kò mọ̀ pé a ti rí owó ilé-ìwé san. Bí ó bá jẹ́ pé propiranólólù tàbí kilonidíìnì ló ń lò, kí a kìlọ̀ fún un gidigidi pé dídá wọn dúró lójijì léwu ju gbígbàgbé amulodipíìnì lọ. Bí a bá ṣe gbogbo èyí, ó ṣeé ṣe kí oògùn kẹta náà má pọn dandan rárá.

Ṣùgbọ́n bí ó bá pọn dandan, àwòṣe méjèèjì yìí kò ní owó lọ́wọ́. Inú ọkàn aláìsàn ni àwọn méjèèjì ń wò, ó sì rọrùn fún ẹni tó bá kà wọ́n láti máa wí pé aláìsàn kò gbàgbọ́ tàbí pé ó ń sá fún òtítọ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹni náà ti ṣírò rẹ̀ dáadáa, tó sì rí i pé oògùn oṣù kan àti oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan kò lè jọ wà. Ètò adójútòfò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà, ti ìjọba àpapọ̀ náà wà. Opó tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí kò sì sí ẹni tó bá a kọ orúkọ sínú ìwé wọn, ni kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bi ní ìbéèrè nípa owó àti adójútòfò, kí ó tó bi í ní ti ìgbàgbọ́.